Àpò Kíjìpá Tí Káfíńtà Sanwó Sílẹ̀ Fún

Ọdún tí mo padà sí Òsì láti Kàdúná, ohun tí mo gbé wálé kò pọ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àpótí aṣọ kan, àti ìròyìn pé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ti kógbá sílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo dé sí. Opó ni wọ́n, Màámi ni mo ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ti tú ká lọ sí ìlú ńlá, kíjìpá ni wọ́n sì ti ń hun láti ìgbà ọmọge wọn. Òfì wọn dúró gbọnin ti ògiri pálọ̀, ó ga jù mí lọ. Tí wọ́n bá ń hun aṣọ, wọn kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú wọn a máa dùn bí èèyàn bá jókòó tì wọ́n.

Ẹni tó ń ra kíjìpá kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ nígbà yẹn. Aṣọ tó wúwo ni, àǹkárá sì ti kún ọjà. Mo gé lára kíjìpá wọn kan tó ti gbó, mo fi rán àpò kékeré tí mo fi ń gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, àwọn obìnrin dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń bi mí níbi tí mo ti rà á.

Mo délé, mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi kíjìpá rán àpò tà fún ọdún Kérésì."

Wọ́n ní, "Ta ni yóò rà á? O ò rí aṣọ tí wọ́n ní kí n hun tí wọn ò padà wá gbà? Ó wà nínú àpótí níbẹ̀ yẹn."

"A ò ní hun ún kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n á kọ́kọ́ san ìdajì."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ lọ dá àwọn èèyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló fa apẹ̀rẹ̀ òwú wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ràn, tí wọ́n sì rẹ sí aró nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le, ló wà nínú rẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn kò ní rẹ òmíràn mọ́. A wọn òwú náà, a ṣírò rẹ̀. Bí a bá lo òwú funfun tí a rà lọ́jà mọ́ ọn, yóò tó àpò mẹ́rìnlélógún. Ibẹ̀ la fi iye rẹ̀ mọ sí.

A jọ fẹnu kò lórí òfin rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àpò yóò san ìdajì owó sílẹ̀ kí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó parí, nítorí owó yẹn la ó fi ra òwú funfun, bọ́tìnnì, àti awọ ewúrẹ́ fún ọwọ́ àpò lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ ní Ìlọrin. Ẹni tó bá yí ọkàn padà kí á tó gé aṣọ, gbogbo owó rẹ̀ ni yóò gbà padà. Bí a bá ti gé e, kò tún sí yíyí ọkàn padà. Àpò yóò ti wà nílẹ̀ kí oṣù Ọ̀pẹ tó wọlé. Ẹni tó sanwó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wá san èyí tó kù, kó sì gbé àpò rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ní Sátidé tó ṣáájú Kérésì. Bí kò bá wá, àpò náà di ti ẹni tó wà níwájú nínú àwọn tí àpò kò kàn, tí wọ́n ń retí. Nígbà tí onítọ̀hún bá sanwó, a ó dá owó ẹni àkọ́kọ́ padà, a ó yọ owó awọ nìkan.

Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì bá wa ka ìkéde náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn tó ń lọ sí Kàdúná àti Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà lọ́hùn-ún. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọwọ́ awakọ̀, láti ọwọ́ olùkọ́, láti ọwọ́ àwọn tó wá sìnkú. Olúkúlùkù ni mo fún ní páálí pélébé tí mo kọ nọ́ńbà sí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́yìn ni ọkùnrin káfíńtà kan láti Ìdòfin. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá, òógùn bò ó. Ó san ìdajì tirẹ̀, lẹ́yìn náà ló fa igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi àpò kékeré kan sínú rẹ̀, kó gùn tó igi yìí. Ìwé orin ìyàwó mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ́ akọrin ló wà, inú ọ̀rá ló máa ń gbé ìwé náà sí, òjò sì ti bà á jẹ́."

Màámi gba igi náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Ìyàwó rẹ mọ̀ pé o wá?"

"Rárá o. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú, wọ́n sì tún un wé. Odidi ọ̀sẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá jókòó sídìí òfì, wọ́n á ní, "Ọkùnrin tó fi igi wọn ìwé orin," inú wọn á sì tún dùn.

Bí a ṣe wí náà la ṣe. Wọ́n hun ún, mo gé e, mo rán an, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá gbé tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú gbèdéke wa, àpò káfíńtà nìkan ló kù lórí àkéte.

Mo lọ sí gáréèjì láti fi ọ̀rọ̀ rán awakọ̀ tó ń ná Ìdòfin. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ọkùnrin náà fún un ni ó gbọwọ́ lé àyà.

Ó ní, "Àǹtí, ọkùnrin yẹn ti kú. Ìparí oṣù tó kọjá la sin ín. Ibà ló ṣe é, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ."

Mo délé, mo sọ fún Màámi. Wọ́n gbé àpò náà sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń ti ìka bọ inú àpò kékeré tó wà nínú rẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́. Wọ́n ní, "Kò tíì di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Ó ṣì ní ẹni tó ni ín."

Láàárọ̀ Sátidé, obìnrin kan dé. Ọmọ Òsì ni, Èkó ló ń gbé, àwọn òbí rẹ̀ ló wá bá ṣọdún. Òun ló wà níwájú àwọn tó ń retí. Ó ti gbọ́ pé àpò kan kù, gbogbo owó rẹ̀ ló sì mú dání.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú."

"Ṣé ẹni tó ni ín ṣì ń bọ̀ ni?"

Mo wo Màámi. Màámi ló sọ fún un, láìfi ohunkóhun pamọ́: kẹ̀kẹ́, igi, ìwé orin, ibà. Obìnrin náà jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Mọ́tò mi wà níta. Ẹ jẹ́ ká lọ bi ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ ẹ, èmi á san án níbẹ̀, ẹ óò sì dá owó ọkọ rẹ̀ padà fún un lójú mi. Bí ó bá fẹ́ ẹ, ó tán."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. A bá opó náà nínú aṣọ dúdú, ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ilé. Iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ kò parí ṣì wà lábẹ́ àtíbàbà: ẹsẹ̀ àga, pákó tí wọ́n ti fi ránda ìfági fá ní apá kan. A kí i kú àráfẹ́rakù. Ó gbé ìjókòó fún wa, ó rò pé ẹbí ọkọ òun kan ni wá tí òun kò mọ̀.

Màámi kò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Ọmọ mi, ọkọ rẹ wá sọ́dọ̀ wa lóṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Ó sanwó ohun kan sílẹ̀ fún ọ. Ìdajì ló san. Bí o bá fẹ́ ẹ, tìẹ ni. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, a mú owó rẹ̀ wá."

Mo tú aṣọ tí mo fi di àpò náà. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ṣí i, ó rí àpò inú, ó sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Màámi ní, "Ìwé orin rẹ ló ní kó wà níbẹ̀. Igi ló fi wọ̀n ọ́n wá."

Obìnrin náà dìde, ó wọlé. Mo rò pé ó lọ sunkún. Ṣùgbọ́n ó jáde pẹ̀lú ìdì aṣọ kékeré kan. Ó ní inú agolo ìṣó ọkọ òun lòun ti rí i lẹ́yìn ìsìnkú, owó ló wà nínú rẹ̀. Òun ti rò pé àsansílẹ̀ oníbàárà kan ni, ẹni tó fẹ́ kí ọkọ òun bá a kan àga tàbí fèrèsé. Òun ti lọ yí ká Ìdòfin, òun dé Ìlọ́fà, òun ń bi gbogbo ẹni tó gbéṣẹ́ fún un, kò sì sẹ́ni tó ní tòun ni. Òun kò sì lè ná owó tí òun kò mọ ẹni tó ni ín.

Ó tú ìdì náà sí iwájú wa. Ìdajì tó kù ni, kò lé, kò dín.

Ìgbà yẹn ló tó sunkún, Màámi sì fà á mọ́ra, wọ́n ń pa á léjìká bí ọmọ ọwọ́, wọ́n ń wí pé, "Ó ro tìẹ o. Ó ro tìẹ gan-an ni." Mi ò fẹ́ gba owó náà. Òun ló fi sí mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ gbà á, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó ra nǹkan tó fẹ́ rà."

Mo gbà á. Obìnrin Èkó ti dìde, ó lọ dúró lẹ́bàá pákó tí wọ́n fá ní apá kan yẹn, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí a ń padà lọ, òun ló wa ọkọ̀ wá sílé láìsọ ọ̀rọ̀ kankan nípa àpò.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, opó náà wá kí wa ní Òsì. Ó jókòó ti Màámi nídìí òfì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Bí òwú kan ṣe já, tí Màámi sì ń wá ojú ibi tó ti já kiri tí wọn kò rí i, òun ló bá wọn so ó. Wọ́n bi í bóyá ó ti hunṣọ rí. Ó ní rárá, àmọ́ ojú òun ṣì ríran dáadáa, ilé sì ti dákẹ́ jù fún òun.

Màámi sún díẹ̀ lórí pákó ìjókòó wọn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un.