Páìpù Méjì tí Ràdíátù Gbé Lọ sí Lẹ́sìnnì

Àwọn ará Boundary ní Ràdíátù fi páìpù na tíṣà rẹ̀ ní lẹ́sìnnì. Àwọn kan tilẹ̀ fi kún un pé eyín tíṣà bọ́ sílẹ̀. Irọ́ gbuu! Páìpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, méjì ni pàápàá, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ nìkan ni páìpù kàn lọ́jọ́ náà. Ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá mi àti tirẹ̀ níyà ní Ajégúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, Físíìsì kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé títí ó fi yé mi.

Ọdún 1991 ni. Ràdíátù ń fa wáyà ní ilé iṣẹ́ kan nítòsí èbúté Apapa, ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyẹn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa wáyà ti di òṣìṣẹ́ gidi, wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́, òun sì ń fẹsẹ̀ rìn kọjá ojú irin Ìjọra Badia láràárọ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì sọ fún un láìfi bò pé: "Madam, bí o bá mú Físíìsì GCE tó ní krédíìtì wá kí oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ tó parí, a ó kọ orúkọ rẹ. Bí kò bá sí, má tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́." Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jókòó ìdánwò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já. Ti oṣù kọkànlá yìí ni ìkẹta.

Ìdí nìyí tó fi ń lọ sí lẹ́sìnnì ní ọ̀sán Sátidé, nínú kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Físíìsì ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ, Ọ̀gbẹ́ni Adékànmí, tíṣà Máàsì, ló wá dípò rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kéré sí Ràdíátù lọ́jọ́ orí, ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí yíǹkì rẹ̀ ti ń parẹ́ ló sì fi ń kọ́ wọn.

Ọjọ́ Sátidé kan, ó ya páìpù méjì sí ojú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irú èyí tó wà lára dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ṣí lẹ́nu méjèèjì, wọ́n dí ìdí ìkejì pa. Gígùn kan náà ni méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó wá ya ìlà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mì sínú àkọ́kọ́, ó tún ya irú ìlà náà gẹ́lẹ́ sínú ìkejì. Ó kọ igba sábẹ́ méjèèjì: ìgbà igba ni afẹ́fẹ́ inú wọn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́. Bírò Ràdíátù dúró.

Ẹ ò rí i, ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fi ọwọ́ gbá ẹnu páìpù wáyà, èyí tí wọ́n ń fa wáyà gba inú rẹ̀, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè bọ́. Ó mọ̀ pé bí o bá gbá a tí o sì yára gbé ọwọ́ kúrò, ohùn kan ló ń dún. Bí o bá gbá a tí o fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ohùn mìíràn ni, èyí tó wálẹ̀ dáadáa. Ó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé èyí tí a dí yẹn kò ní dún nísàlẹ̀ ju èkejì lọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Adékànmí wo ìwé rẹ̀. "Ohun tó wà níbí ni mo yà."

"Mo mọ̀, sà, àmọ́ páìpù tí mo ń lò níbi iṣẹ́..."

"Ẹ̀yin ìyá oníwáyà, ṣé NEPA ló ń ṣe ìdánwò fún yín ni?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ràdíátù jókòó. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó padà sílé, kò fẹ́ jẹun, ó ń ya páìpù sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Kí ló fẹ́ kọ nínú ìdánwò? Ti tíṣà ni, àbí ti ọwọ́ rẹ̀?

Ó ronú báyìí: lẹ́nu tó ṣí, kò sí ohun tó di afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, níbẹ̀ ló ti ń jó jù. Nídìí tí a dí, kò ríbi lọ, ó gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Nínú páìpù tó ṣí lẹ́nu méjèèjì, afẹ́fẹ́ ń jó ní òkè àti ìsàlẹ̀, àárín ló ti dúró: ìdajì ìgbì ló gbà. Nínú èyí tí a dí, láti ìdúró dé ijó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìdá mẹ́rin ìgbì ló gbà. Ìgbì rẹ̀ gùn ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ìgbọ̀n rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn ni pé, bí a bá fẹ́ kí méjèèjì dún bákan náà, ṣe la máa gé èyí tí a dí sí ìdajì.

Ní Sátidé kejì, ó gbé páìpù wáyà méjì dání. Ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́rùn-ún, ó gé ìkejì sí méjìlélógójì àti ààbọ̀. Efe, ọmọ kíláàsì wọn kan tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ tírélà, rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Ràdí, na fight?"

"Àdúrà ni. Wọlé."

Ó ní kí tíṣà jọ̀ọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú méjì. Ó gbá páìpù gígùn, ó yára gbé ọwọ́ kúrò: *pó!* Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: *bú!* Ohùn náà wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ló mú kúkúrú, ó gbá a, ó fi ọwọ́ dí i pa.

*Pó!*

Ohùn ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

"Àǹtí, nack am again!" Efe ti dìde dúró. Ariwo sọ. Gbogbo wọn ń wo pátákó, wọ́n ń wo tíṣà. Ojú ti Ọ̀gbẹ́ni Adékànmí.

"Ẹ jáde," ó ní. "Ẹ̀yin àti páìpù yín. Ẹ ò lè wá sọ kíláàsì mi di ọjà."

Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọjá ti rí obìnrin tó gbé páìpù jáde, tí tíṣà sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ eyín ti wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò tó dé. Ràdíátù kò padà síbẹ̀. Ó ń dá kàwé nínú ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ wọn lẹ́yìn iṣẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya páìpù méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sára ògiri, pẹ̀lú iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbọ̀n: èyí tó ṣí, igba, irinwó, ẹgbẹ̀ta; èyí tí a dí, ọgọ́rùn-ún, ọ̀ọ́dúnrún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nítorí pé kò lè gba irú ìgbì tó máa jó nídìí. Bó bá délé lálẹ́, mo tún máa ń gbọ́ *pó* àti *bú* láti yàrá mi, n ó sì kígbe pé, "Ràdí, ṣé o fẹ́ wó ilé ni?"

"Ẹ má bínú, mọ́mì, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ!"

Ní ọjọ́ ìdánwò, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ páìpù. Páìpù tó ṣí gùn tó ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Báwo ni èyí tí a dí tó ń dún bákan náà ṣe gùn tó? Ó ní òun rántí igba tí tíṣà kọ sábẹ́ méjèèjì lójú pátákó. Ó pa ojú dé, ó ya méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kọ ogójì.

Oṣù kejì ni èsì jáde. Krédíìtì. Ó sáré wá bá mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, a jọ jó nínú ọṣẹ. Ilé iṣẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí.

Nígbà tó yá, mo bi í bóyá inú ṣì ń bí i sí tíṣà yẹn.

"Inú kẹ̀?" ó ní. "Ó ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀ mí, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fa wáyà. Mo ní kó gé páìpù tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó wọ̀n ọ́n dáadáa, kó gbé e wá ní Sátidé."