Mirseo Ti Lẹ́ni Tó Ni Ín

Kò sẹ́ni tó mọ amọ̀ọ́ mọ tó Seonwoo Miryeong ní àdúgbò wa ní Icheon ní Korea, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó kì í ṣe tirẹ̀. Lórí ìkànnì kan, orúkọ rẹ̀ àti ti ìdílé ló fi àmì-ìdánudúró pín. Ìkejì ò gba àmì yẹn, ó bá fa ìlà sí i. Níbi kẹta ẹlòmíì ti gba orúkọ náà, Miryeong bá fi ọdún ìbí rẹ̀ lé e. Oníbàárà á wá a títí, á lọ ra abọ́ ẹlòmíì. Ó ń dun èmi tí a jọ ń lo ààrò kan láti sun abọ́ ju òun alára lọ.

Nígbà ìrúwé ló tó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu pé kó mú orúkọ kan ṣoṣo. Ó gé Mir lára Miryeong, ó gé Seo lára orúkọ ìdílé, ó dà wọ́n pọ̀: mirseo. Lẹ́tà lásán, ó kúrú, ó dùn ún pè. Ó ń pè é nídìí oúnjẹ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, títí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìgbà náà ló tó gbẹ́ òǹtẹ̀ tí a ó fi tẹ ìdí abọ́ fún ọjà ọdún. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ló rántí láti yẹ orúkọ náà wò. Amọ̀ ti ń le. Tó bá gbẹ tán, òǹtẹ̀ ò ní wọlé mọ́.

Kò sẹ́ni tó ń lò ó níbì kankan, àfi ibi tí wọ́n ti ń wo fídíò kéékèèké.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gbà á,” ni Miryeong ké sí mi.

“Ta ni?”

“Ẹnì kan tó ń fi ẹ̀fọ́ àti iyọ̀ ṣe kimchi. Ọwọ́ nìkan ló ń hàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ló ń tẹ̀ lé e.”

“Bẹ̀ ẹ́. Ìwọ tí ò ní ju ọgọ́rùn-ún lọ, kí lo fẹ́ fi halẹ̀?”

Ó kọ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Fóònù kan dún nílé ìdáná, níbi tí ìyá rẹ̀, Gwak Sunnam, ti ń fi iyọ̀ pa ẹ̀fọ́. A ò kà á sí. Èsì dé:

“Ẹ má bínú o. Ọmọ mi ni mo ń bá tọ́jú ẹ̀. Ó mọṣẹ́, àmọ́ kò yára rárá.”

“Ẹ wo bó ṣe ń bú ọmọ ẹ̀ lójú àjèjì,” ni Miryeong wí. Àánú ọmọ náà ṣe é.

Èmi wo fídíò náà dáadáa. Abọ́ tí ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀, tiwa ni, èyí tí etí rẹ̀ ṣẹ́, tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Mo na fóònù náà sí i. Ó dìde, ó kọrí sí ilé ìdáná.

Ìyá ò tilẹ̀ ta pútú. “Láti ìgbà ìrúwé lo ti ń pe orúkọ, o ò lọ gbà á. Ṣé kí n máa wò ẹ́ níran ni?”

“Ẹ ò ṣe sọ fún mi, Màámi?”

“Mo fẹ́ sọ. Àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí mo ṣe ń fi iyọ̀ sí i.”

Lábẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti béèrè ẹni tó fi amọ̀ mọ abọ́ náà. Èsì kan náà ni ìyá ń fún wọn: “Mirseo ni. Ẹ dúró dè é, ó ń bọ̀.” Miryeong kà á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé ìdáná lọ́jọ́ náà.

Ó gba orúkọ náà níbi tó kù, a sì tẹ òǹtẹ̀ kí amọ̀ tó gbẹ. Lọ́jà ọdún, obìnrin kan yí abọ́ dojú dé, ó tẹ orúkọ náà sórí fóònù, fídíò kimchi yọ, inú rẹ̀ dùn.

“Mirseo dà?”

Miryeong rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni.

Obìnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. “Rárá o, ìyá yẹn ni mò ń wá.”