Orúkọ Bàbá Mi Lẹ́nu Àjèjì

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Láyé ìgbà tí owó epo gbòde, tí iléeṣẹ́ ń hù bí olú ní Ìsọlọ̀, akọ̀wé ni mí lọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ kan. Mafoluku ni mo ń gbé. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Òṣòdì, kí n sọdá ojú irin, kí n tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ohun tí mo bá sì rí lọ́nà ni mo máa ń fura sí.

Ẹnjiníà kan dé láti Hong Kong, òun ló ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó yọjú sí ọ́fíìsì wa, ó rẹ́rìn-ín, ó kí mi káàárọ̀, ó sì pè mí lórúkọ bàbá mi. Kò fi Mísì ṣíwájú rẹ̀. Bàbá mi ò tíì pé ọdún méjì nínú ilẹ̀, ọkùnrin yìí wá ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹ. Inú bí mi gan-an. Mo ní ó ti lọ tú fáìlì mi wò, ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àràárọ̀ ló ń pè é, àràárọ̀ ni mò ń dì í sínú.

Lóṣù kẹta, ó kó ìwé wá. Ìyá ọmọbìnrin rẹ̀ ti kú, ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ náà sì ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó fẹ́ kí ọmọ wá bá òun. Èmi ni kí n tẹ fọ́ọ̀mù tí a máa fi ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè.

Àyè kan wà fún orúkọ ìdílé, òmíràn wà fún orúkọ tí wọ́n sọ èèyàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni orúkọ tiẹ̀, mẹ́ta ni ti ọmọ. Mo mú èyí tó gbẹ̀yìn nínú ti kálukú, mo tẹ̀ ẹ́ sí àyè orúkọ ìdílé, torí bí àwọn òyìnbó tó kù níléeṣẹ́ ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn. Ti bàbá ò bá ti ọmọ mu rárá. Mo ní, ẹ ò rí i, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ kó wọ̀lú. Mo ti fọ́ọ̀mù náà mọ́ inú tábìlì mi, n ò fi ránṣẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó wá béèrè. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

Mo ní, “Ọ̀gá, orúkọ ọmọ tí ẹ ní ẹ bí yìí ò bá tiyín mu.”

Kò jà. Ó mú páálí pélébé kan lórí tábìlì mi, ó tẹ́ ìwé ìrìnnà tiẹ̀ àti ti ọmọ síra wọn, ó fi páálí náà bo ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣẹ́kù lójú ìwé méjèèjì.

Ó ní, “Ti ìdílé ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ wa. Méjì tó kù ni wọ́n sọ èèyàn.”

Àṣé gbogbo “Mísítà” tí mo ti ń pè é látọjọ́ yìí, iwájú orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nílé ni mò ń fi í sí!

Ó wá nawọ́ sí ìwé tí a ń kọ orúkọ sí láràárọ̀. Níbẹ̀, orúkọ bàbá ni gbogbo wa ń kọ ṣíwájú, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ka orúkọ mi, wọ́n sì kọ́ òun pé ẹni tó bá ń kọ èdè òyìnbó, orúkọ ara rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kọ.

“Ta wá ni mò ń pè láràárọ̀?”

“Bàbá mi ni, sà. Wọ́n ti kú.”

Ó dìde, ó tẹrí ba fún mi. Ojú tì mí ju tiẹ̀ lọ.

Mo tẹ fọ́ọ̀mù náà lákọ̀tun lójú rẹ̀. Mo fi lẹ́tà ńlá tẹ orúkọ ìdílé, mo fàlà sí i nídìí, mo sì fi í wé ìwé ìrìnnà lẹ́ẹ̀mejì. Látọjọ́ náà, n kì í wo èyí tó ṣíwájú tàbí èyí tó gbẹ̀yìn mọ́. Màá bi onítọ̀hún léèrè pé, “Èwo ni wọ́n sọ yín, èwo ni ti ìdílé?” Kódà mo máa ń bi àwọn ará Ìsẹ́yìn tó wà níléeṣẹ́ wa, torí àwọn kan nínú wọn, orúkọ tí wọ́n sọ bàbá wọn gan-an ni wọ́n ń lò fún orúkọ ìdílé, tí àbúrò wọn sì ń jẹ́ ti bàbá àgbà.

Ọmọ náà dé. Bàbá rẹ̀ mú un wá kí mi lọ́fíìsì, ọmọ náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú gírígírí. Ọkùnrin náà kí mi káàárọ̀, ó sì pe orúkọ èmi gan-an, ó pè é dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín, mo dáhùn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó rí i pé kò tún ní sẹ́ni tí yóò máa pe bàbá mi láàárọ̀ mọ́.