Òyìnbó Ìsàlẹ̀ Fíìmù Tó Pa Ẹ̀rín

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi irọ́ là á, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìbíwùnmí ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè òyìnbó ní iléèwé kan ní Ìbàfò, láyé ìgbà tí fíìmù inú àwo gba ìgboro kan. Bí kò bá sí iṣẹ́ iléèwé, á forí lé Ajúwọ́n, lọ́dọ̀ Láwàlì tó ń fi kọ̀ǹpútà to fíìmù pọ̀. Òun ló ń kọ òyìnbó tó máa ń hàn nísàlẹ̀ àwòrán, fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó mọ iṣẹ́ náà. Àmọ́ ojú tó fi ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé ló fi ń wo fíìmù: ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ sọnù.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé fíìmù Bàbá Adébánjí dé. Aládùúgbò Ìbíwùnmí ni bàbá náà ní Lotto nítòsí Ìbàfò, aláwàdà tí adìẹ pàápàá ń dúró gbọ́. Nínú fíìmù náà, bàbá wá fẹ́yàwó, ó gbé ògbólógbòó ọkọ̀ jálòpí kan wá. Bàbá ìyàwó bi í bóyá ọkọ̀ yìí kò ní dá ọmọ òun dúró sójú ọ̀nà. Bàbá Adébánjí fi aṣọ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ọkọ̀ mi kì í bàjẹ́ lọ́nà."

Ó dákẹ́. Ó wo ọkọ̀, ó wo bàbá ìyàwó.

"Ilé ló ti máa ń bàjẹ́ jáde."

Láwàlì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kọ ọ́ báyìí: "My vehicle does not spoil on the road because it has already become spoilt at home before coming out."

"Antí, ó mà gùn o," ni Láwàlì wí. "Ṣé òyìnbó ni ká jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni, àbí ká jẹ́ kó ṣe ìdánwò?"

"Wọn ò mọ àwàdà wa. A ní láti ṣàlàyé."

"Ṣé ká pín in sí méjì, kí èkejì jáde lẹ́yìn tí bàbá bá dákẹ́ tán?"

"Gbólóhùn kan ni. Má gé e fún mi."

Láwàlì gbé gbogbo rẹ̀ sójú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Antí ló ni òyìnbó.

Ní àsìkò ìsinmi, àwọn ọmọọmọ Bàbá Adébánjí méjì dé láti ìlú òyìnbó, sílé ìyá wọn ní àdúgbò OPIC. Wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá, bàbá náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tiwọn. Ẹ̀rín ló kù tí wọ́n lè jọ pín. Ó gbé àwo náà lọ, ó ní kí Ìbíwùnmí tẹ̀ lé òun.

"Wá gbọ́ ẹ̀rín, ọmọ mi. Ìwọ lo ṣe é."

Nígbà tó kan ibi ọkọ̀, bàbá kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, ojú àwọn ọmọ ló ń wò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń nù nínú àwòrán tí wọ́n ti kàwé ìsàlẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dákẹ́, kò sí ohun tí wọ́n ń retí mọ́. Ọ̀rọ̀ kejì jáde, yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Èyí àbúrò fi òyìnbó bi ìyá rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá wọ́n ti tún ọkọ̀ Grandpa ṣe.

"Kí ló sọ?" ni bàbá bi Ìbíwùnmí.

"Ó ní... ó dùn, sà."

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó mọ̀. Kò ṣàwàdà kankan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí Ìbíwùnmí gbádùn. Abọ́ ló ń fọ̀ lọ́jọ́ kan tí òye fi yé e: kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló yẹ kó pé, ìdákẹ́jẹ́ ni. Kí ọ̀nà ṣíwájú, kí ilé tẹ̀ lé e, kí ohunkóhun má sì sí láàárín wọn. Ó sáré lọ sí Ajúwọ́n tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Láwàlì kọ ti àkọ́kọ́ sí ìsàlẹ̀: "My car never breaks down on the road." Ó jẹ́ kí ó parẹ́, kí bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà: "It leaves home broken." Ọmọ Íbò kan tó ń tajà níwájú ṣọ́ọ̀bù yọjú, ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Àmọ́ nígbà tí Ìbíwùnmí gbé àwo tuntun dé ọ̀dọ̀ bàbá, tó kúnlẹ̀, àwọn ọmọ ti wọ bààlúù lọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí wọn, bàbá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí."

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín," ni bàbá wí. Ó gba àwo náà, ó fi aṣọ nù ún. "O ṣeun, ọmọ mi. Bí wọ́n bá rín in lọ́hùn-ún, èmi ò ní gbọ́."

Ìbíwùnmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ abọ́ fífọ̀ nìkan ni mo fi kún un. Oorun ọ̀sán ló ń sùn nígbà tí òye náà dé. Kò kàn yẹ kí n ba obìnrin lórúkọ jẹ́ ni.