Òfin Kan Lórí Òfin Adènà

Adènà ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìròyìn kékeré kan. Bí VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì pamọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá já, íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà akọ̀ròyìn á dákẹ́ lọ́gán, akọ̀ròyìn á sì pariwo pé, "Adènà, o tún ti dènà!" Ariwo yẹn máa ń dùn mọ́ Adènà nínú.

Ilé iṣẹ́ kan ń da májèlé sódò, akọ̀ròyìn sì ń fi orúkọ àdàpè wọ ìkànnì wọn lọ kó ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fi lè rí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì, àṣírí rẹ̀ tú nìyẹn. Nítorí náà, Adènà fi fáyàwọ̀ọ̀lù, ògiri ààbò inú kọ̀ǹpútà, dí gbogbo ọ̀nà àbájáde. Nǹkan mẹ́ta péré ni òfin tó kọ síbẹ̀ yọ̀ǹda: ohun tí kọ̀ǹpútà ń bá ara rẹ̀ sọ, ìpè sí àdírẹ́sì sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé VPN ró, nìkan ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àti ohunkóhun tó bá gba inú VPN fúnra rẹ̀. Irú àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, ó dí tiyẹn náà. Ó wá já VPN fúnra rẹ̀, ó dán an wò. Ohunkóhun kò jáde.

Àfi lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí géńdé méjì dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ń jẹ́ orúkọ àdàpè yẹn. Wọ́n ní àwọn á padà wá.

"Òfin ẹ ló jò," ni olóòtú sọ fún Adènà.

Bọ̀ọ̀dá, tó kọ́ Adènà níṣẹ́ láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, mi orí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí àwọn òfin yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Adènà wọ egungun. Ó pe àwọn òfin jáde sójú kọ̀ǹpútà. Lórí tirẹ̀ gan-an, ẹnì kan ti kọ òmíràn: kí ohun gbogbo máa jáde. Òkè ni fáyàwọ̀ọ̀lù sì ti ń kà wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá mu ló ń tẹ̀ lé. Òǹkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin náà fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ti kọjá níbẹ̀. VPN já fún ìṣẹ́jú mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ náà, akọ̀ròyìn ń bá iṣẹ́ lọ, kò sì pariwo. Èèyàn méjì péré ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń yí òfin kọ̀ǹpútà náà padà: Adènà àti Bọ̀ọ̀dá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin kọ́?"

"Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò níbẹ̀ lánàá, ó kàn ń gé ṣáá. Mo bá kọ òfin yẹn sí i, mo ní màá yọ ọ́ tó bá yá. Mo gbàgbé ni."

"Ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ ní òfin tèmi ló jò?"

Bọ̀ọ̀dá wo ilẹ̀. Olóòtú tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn ti ń kó ẹrù. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde, kò sì mọ ìgbà tóun máa padà.

Adènà yọ òfin náà. Ó já VPN, ojú ewé kankan kò ṣí. Ó wá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Bọ̀ọ̀dá na ọrùn wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọjú sí ògiri."

Ó kọjú sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adènà ṣi ọ̀rọ̀ náà tẹ̀, nítorí omijé.