Yẹ́lò Tí Mi Ò Rí

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dá ẹjọ́ sìkíríìnì mi. Ó ní tí mo bá ti tan kọ̀ǹpútà lóru, yàrá wa máa ń dà bí àgọ́ ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni ní Èrúwà. Tíṣà ni òun náà, aago márùn-ún ìdájí ló ń jí. Èmi náà ní ìwé kan tí mò ń kọ nípa ìgbà èwe mi, òru nìkan ni mo sì ń ráyè kọ ọ́. Yàrá méjì péré la ní, àwọn ọmọ ló wà nínú ìkejì.

Mo bá fọgbọ́n orí mi ṣe é. Mo tẹ bọ́tìnnì abẹ́ sìkíríìnì, mo rí ibi tí wọ́n ti ń yan bí funfun rẹ̀ ṣe máa gbóná tó. 6500 ló wà. Mo ní ohun tó bá gbóná ló ń pọ́n, ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n ni kò sì ní gún un lójú, mo bá gbé e sókè sí 9300. Gbogbo yàrá di búlúù. Ìyàwó mi dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì: "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni?"

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́nà Pólì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin tíṣà! Ṣé ẹ ò dúró lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ rí ni? Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ló ń pọ́n. Tó bá gbóná sí i, á di yẹ́lò. Tó bá tún jù bẹ́ẹ̀, á funfun. Nọ́ńbà ńlá ló ń mú búlúù wá. Ẹ bọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ àwọ̀ gílóòbù yàrá yín, kẹ́ ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sísàlẹ̀ jù o, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún yín."

Ó fi ibì kan hàn mí nínú kọ̀ǹpútà tó lè lọ sísàlẹ̀ ju ti bọ́tìnnì lọ. "Ẹ bọ́ sísàlẹ̀" nìkan ni etí mi gbọ́. Mo gbé e dé 2700, mo sì dín ìmọ́lẹ̀ kù pátápátá. Ojú ìwé dà bí ògì àgbàdo pupa. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú mi ti mọ́ ọn lára, mo gbàgbé pé kì í ṣe funfun. Ìyàwó mi ń hanrun. Inú mi dùn débi pé mo ń fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níléèwé.

Ẹni tó ń bá mi ka ìwé náà ni olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìwé mẹ́fà, tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìdèrè. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ fún mi pé: "Ibi tí mo bá fi yẹ́lò kùn, tún un wò. Tó bá dá ọ lójú pé òótọ́ ni, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń lò, ó ní èyí tó dán ń gún òun lójú. Nígbà tó dá orí karùn-ún padà lórí í-méèlì, mo ṣí i lóru, mi ò rí ibì kankan tó kùn. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣé, sà. Mo ti wo gbogbo rẹ̀. Bó ṣe wà yẹn náà ni mo fẹ́."

Èsì ò wá láti ọ̀dọ̀ Bàbá olùkọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo pè é, ó ní ara òun le, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo kà á sí ti ọjọ́ ogbó.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ tẹ orí náà síta níléèwé ni mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Gbólóhùn kan péré ló fi yẹ́lò kùn: *Ní ọjọ́ tí ìyá mi kú, olùkọ́ mi nà mí nítorí pé mo pẹ́ dé.*

Bàbá gan-an ni olùkọ́ yẹn, mo sì ti ní bó ṣe wà ni mo fẹ́. Mo gun ọ̀kadà, ó di Ìdèrè. Mo bá Bàbá níwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ń ka nọ́ńbà àti àwọ̀ bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ṣé o ò rí i ni?"

"Mi ò rí i, sà."

"Mo rò pé bí o ṣe rántí mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ ti kú, ọmọ mi. Ká ní mo mọ̀ ni."

Ojú tì mí gan-an, nítorí èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn. Ilé ni mo dé kí n tó gbọ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí òǹkàwé lè káàánú mi ni.

Lóru ọjọ́ náà mo gbé sìkíríìnì sí 4000. Ìyàwó mi ráhùn díẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Yẹ́lò náà hàn kedere. Mo kọ gbólóhùn mìíràn dípò rẹ̀: *Olùkọ́ mi nà mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò mọ̀, èmi náà kò sì mọ̀.* Mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá, mo rò pé ó di àárọ̀ kó tó rí i.

Èsì rẹ̀ wọlé kí n tó pa kọ̀ǹpútà: "Ó ti dáa. Lọ sùn."