Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Ṣáájú Lẹ́tà

Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo pẹ́ ní láàbù. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò gba ìdúró ọjà Bọ́ládé mọ́ ni wọ́n bá mi wáṣẹ́ ìmọ́tótó ní láàbù kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí pléètì jẹ́, kí ẹni tí kò wọ irú ibẹ̀ rí má baà rò pé àwo ìjẹun ni mò ń wí.

Pléètì láàbù kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó pẹlẹbẹ, ó ní ìdérí, èèyàn ń rí òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á da oúnjẹ kòkòrò sínú rẹ̀ ní gbígbóná, á sì dì bí ẹ̀kọ. Wọ́n á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ìtọ̀ aláìsàn, wọ́n á fi fa ìlà sórí ẹ̀kọ yẹn, wọ́n á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná di ọjọ́ kejì. Kòkòrò tó bá wà nínú ìtọ̀ á hù lójú ìlà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ oògùn tó lè pa á.

Ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, Àǹtí Láàbù ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbígbẹ̀yìn tèmi jù ú lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ìwé ní Ìwó, òun ni wọ́n ń wò. Wọn ò tíì fún un ní ìwé pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀, wọ́n ṣì ń dán an wò ni, ó sì ku díẹ̀ kí ìdánwò náà parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fojú sí i lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo bá a níwájú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, kò tilẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi.

Mo ní, "Ṣé kò sí?"

"Màmá, ẹ wá wo nǹkan."

Ó gbé pléètì kan síbi ìmọ́lẹ̀. Mo rí nǹkan lójú ìlà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan tún hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n rí wúruwùru bí èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó ti pẹ́.

"Eléyìí ò sí lójú ìlà," ó ní. "Mi ò fi wáyà kan ibẹ̀ rárá. Ìtọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, irú kan náà ló wà lórí gbogbo wọn."

"Bóyá àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n."

"Wọn ò mọ ara wọn rí, Màmá. Bàbá arúgbó wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, aboyún wà níbẹ̀. Kì í ṣe ara wọn ni nǹkan yìí ti wá. Pléètì tiwa ló dọ̀tí."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ó kọ ọ́, ó ya á, ó tún òmíràn kọ. Èyí tó gbà níkẹyìn ló gbé lọ sórí tábìlì ọ̀gá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí ọ̀gá ò tíì dé. Ó sọ fún ẹni tó ń gbàlejò pé kò gbọdọ̀ fún aláìsàn kankan ní èsì ìtọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀. Mo pọn omi tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n pọn. Nígbà tó yá, mo gba ẹnu ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń ṣọ́ géètì.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá yìí. Ẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, géètì kàn jẹ́ ibi tó jókòó sí ni. Bí lanlọ́ọ̀dù bá fẹ́ lé ayálégbé ládùúgbò, òun ni wọ́n á wá pè. Bí ọkọ bá kọ oúnjẹ ìyàwó, òun náà ni. Mo sọ fún un pé pléètì bàjẹ́, ọmọ wa sì ti kọ lẹ́tà.

"Lẹ́tà?" Bàbá yí ojú sí mi. "Sí ọ̀gá tí wọ́n jọ wà nínú ilé kan? Bí ọmọ bá da epo nù, ṣé lẹ́tà ló ń kọ sí ìyá ẹ̀?"

"Kò da nǹkan kan nù. Ó ní pléètì ló dọ̀tí."

"Ta ló sọ ọ́ dọ̀tí? Ìwé ò lórúnkún, Ìyá. Kò lè kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ a kọ́kọ́ fi ara bá ọmọ náà bẹ ọ̀gá, kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ ẹ̀."

Kí n tó fèsì, ọkọ̀ ọ̀gá ti wọlé. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ọ̀gá wa. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì jáde nínú ọkọ̀ tí bàbá fi ṣí fìlà, tó na gbọọrọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun. Ẹ fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí. Ọmọ òrukàn ni. Pléètì ò tó ohun tá a fi ń lé ọmọ èèyàn lọ."

"Pléètì wo?"

Bàbá gbórí sókè láti ilẹ̀, ó ń wò mí. Èmi pẹ̀lú mọ́ọ̀bù ìnulẹ̀ lọ́wọ́, orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó rò ó.

Ọ̀gá ò gba òkè lọ síbi tí lẹ́tà wà. Láàbù ló gbà lọ tààrà. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Kí lo ṣe sí pléètì?" ó bi ọmọ náà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti kọ ọ́ mà, ó wà lórí tábìlì yín."

"Ohun tó o ṣe ni mo bi ọ́. Ẹni tí kò ṣẹ̀ kì í rán àgbà sí èèyàn. Ilẹ̀ ni mo ti bá ìdọ̀bálẹ̀ ẹ níta."

"Àgbà wo, mà?"

Ọmọ náà yíjú, ó rí mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"O mọ̀ pé èmi ni màá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ẹ," ni ọ̀gá wí. "Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ kòkòrò yẹn ò jinná nínú ìkòkò ooru, sọ ọ́ báyìí."

"Ó jinná, mà. Téèpù tí a lẹ̀ mọ́ ìgò, tí kì í yí àwọ̀ àfi bí ooru bá tó, ó yí àwọ̀, mo fi pamọ́. Ìgbà tí mò ń dà á sí pléètì ni mo rò pé nǹkan bọ́ sí i. Lórí tábìlì tó wà lábẹ́ éèsì."

Èèyàn mélòó ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù yẹn wá nítorí ooru, ó sì máa ń fi han àlejò. Ó wo éèsì, ó wo ọmọ náà.

"Ṣé o lè fi hàn mí?"

"Mo lè fi hàn yín, mà. Bí màá ṣe ṣe é wà nínú lẹ́tà."

Wọ́n se oúnjẹ kòkòrò tuntun lọ́jọ́ náà. Ìdajì rẹ̀, ọmọ náà dà á sí pléètì lórí tábìlì yẹn, éèsì ń fẹ́. Ìdajì kejì, ó pa éèsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó dà á nítòsí iná gáàsì tó ń jó. Kò fi ìtọ̀ ẹnikẹ́ni kan ìkankan. Ó fi àwọn pléètì àtijọ́ tó ṣẹ́kù tí wọn ò tíì fi ìtọ̀ kàn, òfìfo ni wọ́n ń pè wọ́n, kún un, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná. Ọ̀gá lẹ pépà mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ sí i.

"Bí gbogbo rẹ̀ bá hù, ìkòkò lẹ́bi," ni ọ̀gá wí. "Bí ìkankan ò bá hù, ọwọ́ ẹ ni, níbi tó o ti ń fa ìlà. Ó dọ̀la."

Nígbà tó lọ tán, mo sún mọ́ ọmọ náà. Mo ní kó má bínú, ire la rò.

"Mo mọ̀, Màmá," ó ní. Kò wo ojú mi. "Ìròyìn ni mo kọ. Ẹ̀yin àti Bàbá ti sọ ọ́ di ẹjọ́."

Mo délé ní Mafolúkù, mi ò lè jókòó. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde, òórùn ẹ̀wà tó jó ni àwọn ará ilé fi pè mí. Mo ń fojú inú wo àwọn àbúrò ọmọ yẹn tí mi ò rí rí.

Ilẹ̀ mọ́. Mo bá bàbá ní géètì, ó kí mi, ó sì yí ojú sí títì. Ọ̀gá dé, ó ní kí àwa méjèèjì tẹ̀ lé òun wọlé. Ó já pépà lára ilẹ̀kùn, Àǹtí Láàbù kó pléètì sórí tábìlì. Àwọn òfìfo àtijọ́ ti hù wúruwùru. Lára àwọn tí wọ́n dà lábẹ́ éèsì, àwọn kan ti hù bákan náà. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ iná mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí wọn.

Ọ̀gá fa àga kan sábẹ́ éèsì. Ó ní kí bàbá di àga mú, ó gun un, ó fa àwọ̀n inú éèsì jáde. Eruku tó wà lára rẹ̀ nípọn bí òwú.

Ìgbà yẹn ló tó mú lẹ́tà, tó kà á fún wa ní Yorùbá. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀, kò sì fi ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tí ọmọ náà rí ló kọ, àti pléètì tó rí i lára wọn. Ó ní kí wọ́n se àwọn tó dọ̀tí nínú ìkòkò ooru kí wọ́n tó dà wọ́n nù. Kí wọ́n fọ àwọ̀n éèsì, kí wọ́n sì máa pa á nígbàkígbà tí wọ́n bá ń da pléètì. Kí wọ́n máa fi díẹ̀ lára pléètì tuntun sínú kọ́bọ́ọ̀dù ní òfìfo di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó lo ìyókù. Kí wọ́n pe àwọn aláìsàn, kí wọ́n mú ìtọ̀ mìíràn wá.

Ọ̀gá ká lẹ́tà. "Bàbá, ẹ wá gba ìdọ̀bálẹ̀ yín padà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á padà, Ọ̀gá?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe gbé e kalẹ̀."

Bàbá rò ó. Ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó nàró. "Ọ̀gá, èyí tí mo na sílẹ̀ lánàá yẹn, ẹ fi ṣe ẹ káàárọ̀. Ẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀ nìkan ni mo kó."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá kó tó mọ̀. Ó kọ nǹkan sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ó yíjú sí Àǹtí Láàbù, ó ní, "Mo ti kọ ọ́ pé kó o ṣe é bó o ṣe wí. Ìgbà tó o bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán ni kó o wá gba ìwé iṣẹ́ ẹ."

Nínú àwọn aláìsàn tí a ní láti pè kí ìwé iṣẹ́ náà tó jáde, aboyún yẹn ló kẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Àdúgbò Ailegun ló ń gbé, èmi àti Àǹtí Láàbù bá a lọ síbẹ̀, èmi gbé kúlà tí a fi yìnyín sí kí ìtọ̀ má baà bàjẹ́ lọ́nà. Obìnrin náà dá wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ ní ó dọ̀la, ẹ ní ó dọ̀la, báyìí ẹ ní kí n tún tọ̀. Ṣé ẹ̀ ń mu ún ni?"

Orúnkún mi ti fẹ́ tẹ̀. Àǹtí Láàbù di apá mi mú. "Ẹ jẹ́ n bẹ èyí fúnra mi, Màmá." Òun ló kúnlẹ̀ sórí ìlẹ̀pa. "Ẹ má bínú, mà. Ìtọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Pléètì tiwa ló dọ̀tí. Bí mo bá fún yín lésì yẹn, oògùn tí kì í ṣe tiyín lẹ máa lò, pẹ̀lú oyún."

Obìnrin náà fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ike ìtọ̀ tí ọmọ náà mú dání.

"Ẹ jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ lọ," ọmọ náà ní, "àárín ni kẹ́ ẹ gbà."

"Mo gbọ́. Ẹ dìde nílẹ̀, aṣọ iṣẹ́ yín funfun." Ó wọlé, ó ń kùn, a ń gbọ́ ọ títí tó fi ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀.